Èrò Ìwòran Kì Í Ṣe Oníbàárà: Òǹkà Márùn-ún Tó Yẹ Kí Ọlọ́jà Máa Wò

Ká sọ pé ìyá kan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, tó sì ń pàtẹ ọjà rẹ̀ lórí Ínsítágíráàmù. Lóṣù kẹta, èèyàn 4,000 ló ń tẹ̀ lé e níbẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹrin wọlé, ó san 60,000 náírà fún aláwàdà kan kó bá òun polówó ọjà, wọ́n sì kéde pé ẹni tó bá tẹ̀ lé ìyá aláṣọ lè jẹ aṣọ ọ̀fẹ́. Kí oṣù tó parí, àwọn tó ń tẹ̀ lé e ti di 9,000. Inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ nígbà tó jókòó ka owó, 225,000 náírà ló rí, bẹ́ẹ̀ 270,000 ló pa lóṣù kẹta tí kò polówó rárá.

Aṣọ ọ̀fẹ́ ló kó ọ̀pọ̀ nínú èrò wọ̀nyẹn wá, wọn kò wá rajà. Iye tó ń pọ̀ sí i tí owó kò bá a pọ̀ ni mo ń pè ní òǹkà àfiyangàn. Eric Ries, ará Amẹ́ríkà kan, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó gbé jáde ní 2011, ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ti tibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè méjì la fi ń dá a mọ̀: ṣé iye yìí lè gòkè kí owó mi máa lọ sílẹ̀? Bó bá sì yí padà lọ́la, kí ni màá ṣe tó yàtọ̀ sí tàná?

Awakọ̀ kò lè máa wo gbogbo ara ọkọ̀ bó ti ń lọ. Àwọn àmì díẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ ló ń wò. Márùn-ún tó fún ìyá aláṣọ, ojú ìwé kan nínú ìwé ìṣirò rẹ̀ sì gba gbogbo wọn.

Èkíní ni iye ẹni tó béèrè iye tí aṣọ jẹ́. Èkejì ni iye ẹni tó sanwó nínú wọn. Lóṣù kẹta, ẹni 60 béèrè, ẹni 18 sanwó: mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Lóṣù kẹrin, ẹni 150 béèrè, ẹni 15 péré ló sanwó: ọ̀kan nínú mẹ́wàá. Òǹkà méjèèjì yìí fi hàn pé ìpolówó náà pe èèyàn, àmọ́ kò pe ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. Ẹni tó gbà á láwìn kò tíì sanwó o. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni ká tó kà á.

Ẹ̀kẹta ni èrè tó kù lórí aṣọ kan. 15,000 náírà ni ìyá ń ta tirẹ̀. Aṣọ funfun, aró àti owó iṣẹ́ gba 9,000, ọ̀rá àti owó ọkọ̀ gba 1,500. Èyí tó kù ni 4,500. Ẹni tó bá ń dín owó ọjà kù kó lè tà púpọ̀ gbọ́dọ̀ máa wo òǹkà yìí, torí owó tó ń wọlé lè pọ̀ kí èrè tán nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni iye owó tó ná ká tó rí oníbàárà tuntun kan. Nínú àwọn 15 yẹn, márùn-ún jẹ́ oníbàárà àtijọ́, mẹ́wàá jẹ́ tuntun. Pín 60,000 sí mẹ́wàá, 6,000 náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà. Èrè orí aṣọ kan kò ju 4,500 lọ, nítorí náà ó pàdánù 1,500 lórí ẹni tuntun kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ 15,000. Kí òǹkà yìí tó lè péye, ó gbọ́dọ̀ máa bi gbogbo ẹni tó bá sanwó pé, “Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?”

Ìkarùn-ún ni iye ẹni tó padà wá rà láàárín 60 ọjọ́. Ibí la ti ń mọ̀ bóyá ìpolówó náà sè tàbí kò sè. Bí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́wàá bá padà wá ra aṣọ kọ̀ọ̀kan, èrè wọn jẹ́ 13,500, kò tíì dí ihò náà. Bí mẹ́rin bá padà, ó di 18,000, ihò ti dí, èrè sì ti bẹ̀rẹ̀.

Kó máa kọ márààrún sílẹ̀ ní gbogbo alẹ́ Sátidé, àmọ́ kó má fi ọ̀sẹ̀ kan dájọ́. Ọjà kékeré máa ń fò sókè sódò: òjò kan tàbí àríyá ńlá kan tó láti yí i padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni kó fi wé mẹ́rin.

Èèyàn 9,000 ṣì wà lójú fóònù rẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó yẹ kó padà wá yẹn ni kó máa wá lójú ìwé rẹ̀, kó tó tún sanwó fún aláwàdà kankan.