Kí Iwájú Orí àti Imú Má Baà Máa Dán Nínú Fọ́tò

Níbi ayẹyẹ ìgbéyàwó alẹ́, ooru gbọ̀ngàn máa ń mú kí òróró ara sun jáde síwájú orí àti imú ìyàwó. Bí fúláàṣì orí kámẹ́rà bá wá kọ mànà, ibi méjèèjì yìí ló máa ń funfun báláú. Ohun tó fà á ni pé òróró náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí. Nígbà tí fúláàṣì sì wà nítòsí lẹ́ǹsì, inú lẹ́ǹsì náà ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ń padà sí.

Ojú ni ká kọ́kọ́ tọ́jú. Ẹ fi tíṣù tẹ iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ imú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má fi nù ún, kí àtíkè tó ti wà níbẹ̀ má baà ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtíkè díẹ̀ tó bá àwọ̀ ara mu lé e, torí pé àtíkè funfun lè mú kí ojú rí bí eérú nínú fọ́tò.

Ẹ wá yí orí fúláàṣì sókè sí àjà funfun. Ìmọ́lẹ̀ á fẹ̀ kó tó dé ojú, dídán náà á sì rọlẹ̀. Bí àjà bá ga jù, ẹ lo ògiri funfun ẹ̀gbẹ́. Ògiri aláwọ̀ á kó àwọ̀ tirẹ̀ bá ojú.

Ẹ mú fọ́tò àkọ́kọ́ tóbi lójú kámẹ́rà. Bí àwọ̀ ara bá ṣì hàn níbi tó ń dán, kọ̀ǹpútà lè dín in kù. Bó bá ti funfun pátápátá, àfi kí ẹ tún un yà.