Ìwé Tó Ń Wá Owó fún Ilé Ìwòsàn Ibà: Ìṣòro Ta Ni Ká Kọ Síbẹ̀?

Bí ilé ìwòsàn abúlé kan bá fẹ́ kọ̀wé tọrọ owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ àjọ, bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: “A kò ní maikirosikópù. Iná mànàmáná kò dé ọ̀dọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ wa kò tó.” Òótọ́ lè ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé náà kò tíì gbọ́ ohun tó ń ṣe aláìsàn kankan. Ohun tí ilé ìwòsàn kò ní nìkan ló gbọ́. Bó bá fi maikirosikópù ránṣẹ́, ìṣòro ti tán lórí ìwé nìyẹn, kódà bí ẹ̀rọ náà bá wà nínú páálí rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ torí pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyà tó ń jẹ aláìsàn ló yẹ kó ṣíwájú nínú ìwé, kí ohun èlò tó tẹ̀ lé e.

Abala méjì ló gbé iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Èkíní ni àlàyé ìṣòro, tó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn lọ́wọ́lọ́wọ́, ohun tó fà á, àti bí a ṣe mọ̀. Èkejì ni àfojúsùn, tó ń sọ ohun tí yóò yí padà, ibi tí yóò yí dé, àti ìgbà tí yóò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà tí àlàyé ìṣòro bá parí sí ni àfojúsùn gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀ àìsí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí èkejì ń ṣèlérí àpèjọ ìlanilọ́yẹ̀ fún àwọn ìyálọ́jà, ẹni tó ń kà á yóò mọ̀ pé wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Nọ́ńbà tó wà nílé

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń lo ojú ewé kan gbáko láti sọ pé ibà ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni: gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú mẹ́wàá tí ibà ń pa káàkiri ayé, nǹkan bí mẹ́ta jẹ́ ará Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń fúnni lówó nítorí ibà ti mọ èyí tẹ́lẹ̀, gbogbo àwọn tó kọ̀wé sí i ló sì kọ ọ́. Gbólóhùn kan ti tó fún un. Èyí tí àjọ náà kò mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní abúlé yín, kò sì sí ibòmíràn tó ti lè rí i ju ilé ìwòsàn yín lọ.

Ibi mẹ́ta ló wà. Rẹ́jísítà tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí ń sọ iye ẹni tí ara gbígbóná gbé wá. Fọ́ọ̀mù tó ń lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù ń sọ iye ẹni tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, iye tí ibà wà lára wọn, àti iye tó gba oògùn. Káàdì tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn nínú kọ́bọ́ọ̀dù ń sọ ọjọ́ tí nǹkan wọlé àti ọjọ́ tó tán.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan wà ní ìgbèríko Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn nọ́ńbà tí a fẹ́ lò yìí, ṣùgbọ́n irú wọn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti ṣí rẹ́jísítà rí. Láàárín oṣù 12, aláìsàn 1,200 ló wá pẹ̀lú ara gbígbóná. Nínú wọn, 420 péré ni wọ́n gún lórí ìka láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ìyẹn 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú 420 yìí, 210 ni ibà wà lára wọn lóòótọ́. Síbẹ̀, ènìyàn 1,050 ló gba oògùn ibà lọ sílé.

Iye yìí ló gbé ìtàn náà ró. Nínú 1,050 yẹn, 210 ni àyẹ̀wò ti fi hàn pé ibà ni. Àwọn 780 kò ṣe àyẹ̀wò rárá. Àwọn 60 tó kù ṣe àyẹ̀wò, kò sí ibà lára wọn, oògùn ibà náà ni wọ́n sì tún fún wọn. Ẹni 840 ló gba oògùn láìsí ẹ̀rí. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí a bá fura sí pé ó ní ibà wò kí a tó fún un lóògùn. Ọmọ tó jẹ́ pé òtútù àyà ló mú ara rẹ̀ gbóná, tí wọ́n fún ní oògùn ibà, yóò padà sílé pẹ̀lú òtútù àyà rẹ̀. Ìṣòro náà nìyẹn, kò sì tíì sẹ́ni tó dárúkọ maikirosikópù.

Kí ló fà á?

Àlàyé ìṣòro tó bá dúró síbi nọ́ńbà kò tíì parí, torí ohun tó fa ìṣòro ni owó náà máa bá jà. Ní ilé ìwòsàn tí à ń wí yìí, káàdì fi hàn pé ohun èlò àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ tán pátápátá fún oṣù márùn-ún, títí kan oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ tí òjò ń rọ̀ tí ẹ̀fọn sì pọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé iye tí wọ́n lò kọjá ni wọ́n fi ń pinnu iye tí wọn yóò tún fi ránṣẹ́. Oṣù tí ohun èlò bá ti tán, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọn yóò kọ pé wọ́n lò, ìwọ̀nba díẹ̀ náà ni yóò sì tún dé. Bí wọ́n ṣe ń yí po lójú kan náà nìyẹn. Ohun kejì ni pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ àyẹ̀wò náà ṣe. Ọjọ́ tó bá lọ gba owó oṣù rẹ̀ ní ìlú, àyẹ̀wò ti sinmi.

A lè wá kọ àlàyé ìṣòro náà báyìí: “Nínú ọdún tó kọjá, aláìsàn 780 nínú 1,200 tó wá pẹ̀lú ara gbígbóná ni a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, oògùn ibà la sì fún gbogbo wọn. Ohun èlò àyẹ̀wò tán fún oṣù márùn-ún, torí pé iye tí a lò kọjá ni a fi ń béèrè, kì í ṣe iye aláìsàn. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ àyẹ̀wò ṣe. Rẹ́jísítà wa àti káàdì oògùn wa ni ẹ̀rí.” Ó kúrú, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí abúlé mìíràn lè jí kọ.

Ẹ má ṣe gbàgbé ohun tí rẹ́jísítà kò lè sọ. Ẹni tó gba kẹ́míìsì lọ, tàbí tó se àgbo mu nílé, kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ “nínú àwọn tó wá sọ́dọ̀ wa,” ẹ má kọ “nínú àwọn ará abúlé wa.” Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò rí ìyàtọ̀ náà lójú ẹsẹ̀.

Ìlérí tó ṣeé wọ̀n

“Láti ra ohun èlò àyẹ̀wò 1,500” kì í ṣe àfojúsùn. Nǹkan tí a óò ṣe ni, ibi ìṣirò owó ni ipò rẹ̀. Ẹ lè ra 1,500, kó gbó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àfojúsùn ń dá lé ohun tí yóò yí padà fún aláìsàn. Fún ilé ìwòsàn wa yìí, mẹ́ta ti tó.

Èkíní: kí oṣù 18 tó pé, nínú 100 ẹni tí ara gbígbóná bá gbé wá, a óò yẹ ẹ̀jẹ̀ ó kéré tán 90 wò kí a tó fún wọn lóògùn, 35 ni lọ́wọ́lọ́wọ́. Èkejì: láàárín àkókò kan náà, nínú 100 ẹni tí a bá fún ní oògùn ibà, ó kéré tán 90 ni àyẹ̀wò yóò ti fi hàn pé ó ní ibà, 20 ni lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta: láti oṣù kẹfà iṣẹ́ náà lọ, kò ní sí oṣù tí ohun èlò àyẹ̀wò yóò tán pátápátá, oṣù márùn-ún ló tán lọ́dún tó kọjá. Rẹ́jísítà la ó fi wọn méjì àkọ́kọ́, káàdì la ó fi wọn ẹ̀kẹta.

Kí ló dé tí a kò fi ṣèlérí 100? Torí pé ọmọ tí gìrì ń mú kò ṣeé dá dúró de àyẹ̀wò. Ṣe ni wọn yóò tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tó ṣèlérí 100 ń fi hàn pé òun kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́.

Àfojúsùn kejì ló le jù. Bí ìdajì àwọn tó ṣe àyẹ̀wò kò bá ní ibà, kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fún wọn? Bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dá òtútù àyà mọ̀, tí kò sì ní oògùn rẹ̀, oògùn ibà náà ni yóò tún nawọ́ sí, torí pé ìyá ọmọ kò ní gbà láti lọ lọ́wọ́ òfo. Ibi tí àwọn 60 ti wá nìyẹn. Nítorí náà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti oògùn fún ara gbígbóná tí kì í ṣe ti ibà gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò owó, bẹ́ẹ̀ kọ́, àfojúsùn yìí yóò wó.

Ìlérí tó ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀

Ìlérí tó máa ń dùn-ún kọ ni pé “a óò dín ibà kù sí ìdajì.” Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́, wọ́n yẹ ènìyàn 420 wò, 210 ní ibà. Bí iṣẹ́ bá yọrí, wọn yóò yẹ 1,080 wò nínú 1,200. Bó bá ṣì jẹ́ pé ìdajì ló ní ibà, 540 ni rẹ́jísítà yóò kọ. Lójú onígbọ̀wọ́, ibà ti ju ìlọ́po méjì lọ! Kò sí ẹ̀fọn tó pọ̀ sí i. Ojú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ohun tó ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèlérí pé ibà yóò dín kù nílùú gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò láti ojúlé dé ojúlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí, ní oṣù kan náà, torí pé oṣù keje àti oṣù kìíní kì í ṣe ẹgbẹ́.

Bákan náà, ẹ má ṣèlérí pé àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀ yóò fi hàn lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìtọ́jú pé ara aláìsàn ti mọ́. Nǹkan tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò náà ń wá, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú.

Kí ìwé tó kúrò nílẹ̀, ẹ ka àfojúsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sétí ẹni tó ń kọ rẹ́jísítà. Bí kò bá sí ìlà tí wọ́n ń kọ èsì àyẹ̀wò sí, tàbí tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń rántí kọ ọ́, àsìkò yẹn ló yẹ kó sọ, kí ẹ sì tún un ṣe. Lẹ́yìn oṣù 18, ohun tó kọ ni onígbọ̀wọ́ yóò wá kà.