Ìṣúná Àìyípadà àti Ìṣúná Atẹ̀lé-títà

Ohun ìkọ̀sẹ̀ kan wà lọ́nà ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìṣirò-owó sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìnáwó tí kì í yí padà bí ọjà tilẹ̀ tà tàbí kò tà, irú owó ilé, àti ètò ìṣúná tí a kì í tún ṣírò mọ́ bí iye ọjà tí a tà bá yàtọ̀ sí èyí tí a pinnu. Bí a bá fún méjèèjì ní orúkọ kan, òǹkàwé yóò rò pé irú ìnáwó bẹ́ẹ̀ nìkan ni ó wà nínú irú ìṣúná bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, a ó pe ìnáwó ní adúrósójúkan, a ó sì pe ìṣúná ní àìyípadà. Ìnáwó tí ń pọ̀ tí ó sì ń dín bí ọjà ṣe ń pọ̀ tàbí dín ni a ó pè ní abọ́jàrìn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwa fúnra wa ni a yan àwọn iye rẹ̀ kí ìṣirò lè rọrùn. Ó pinnu láti tà búrẹ́dì 10,000 lóṣù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦1,000. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, ìwúkàrà, bọ́tà àti náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì kan, pẹ̀lú epo tí ó bá a lọ, jẹ́ ₦600. Owó ilé, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn mìíràn tí ó dúró sójú kan jẹ́ ₦2,500,000. Èrè tí wọ́n ń retí jẹ́ ₦1,500,000.

Nígbà tí oṣù parí, búrẹ́dì 8,000 péré ni wọ́n ṣe tí wọ́n sì tà, ní iye owó tí wọ́n pinnu. Ìnáwó abọ́jàrìn jẹ́ ₦5,200,000, adúrósójúkan kò yẹ̀, èrè sì jẹ́ ₦300,000.

Bí a bá fi èyí wé ìṣúná àìyípadà, a ó rí i pé ₦6,000,000 ni wọ́n ṣètò fún ìnáwó abọ́jàrìn. Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀gá tí ń bójú tó ààrò ti fi ₦800,000 pamọ́, wọ́n sì lè kí i kú iṣẹ́, kí wọ́n dá gbogbo ẹ̀bi lé ẹni tí ń bójú tó títà lórí. Ṣùgbọ́n owó búrẹ́dì 10,000 ni a fi wé owó búrẹ́dì 8,000. Ta ni kò ní náwó díẹ̀ bí iṣẹ́ bá dín?

Ìṣúná atẹ̀lé-títà bèèrè ohun mìíràn: èló ni ó yẹ kí búrẹ́dì 8,000 ná wa? Ìdáhùn rẹ̀ ni 8,000 lọ́nà ₦600, èyí tí í ṣe ₦4,800,000. Ọ̀gá ààrò kò fi kọ́bọ̀ pamọ́. Ó ná ₦400,000 ju bí ó ti yẹ lọ. Èrè tí ó yẹ kí 8,000 mú wá jẹ́ ₦700,000. Nítorí náà, nínú ₦1,200,000 tí èrè fi dín, ₦800,000 wá láti inú búrẹ́dì 2,000 tí a kò tà, nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan ìbá fi ₦400 sílẹ̀. ₦400,000 yòókù wá láti inú ìnákúnàá tàbí ọ̀wọ́n ọjà. Èwo nínú méjèèjì? Ìṣúná yìí kò lè sọ ọ́. A ní láti wo ìwé ìrajà àti ìyẹ̀fun tí ó ṣòfò.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ti pe èyí ní ìṣúná onírọ́bà rí. Orúkọ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, nítorí gbogbo ara rọ́bà ni ó ń sún kì. Bí títà bá di ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, onírọ́bà yóò dín gbogbo ₦8,500,000 kù sí ₦6,800,000, bẹ́ẹ̀ onílé kò ní gba ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó ilé rẹ̀. ₦7,300,000 ni ìṣirò tí ó tọ́. Ìnáwó abọ́jàrìn nìkan ni ó ń tẹ̀lé títà.

Àwọn ìnáwó kan tilẹ̀ wà tí ó ní apá méjèèjì. Bí epo dísù bá jẹ́ ₦380,000 ní oṣù tí a ṣe búrẹ́dì 6,000, tí ó sì jẹ́ ₦500,000 ní oṣù 10,000, ₦120,000 ni 4,000 fi kún un, ìyẹn ₦30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. ₦200,000 yòókù ni ti adúrósójúkan. Oṣù méjì péré ni a fi ṣe èyí, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ oṣù tí ẹ̀rọ bàjẹ́, ìṣirò náà yóò wọ́. Bákan náà, bí títà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ààrò kejì fi di dandan, ohun tí a pè ní adúrósójúkan yóò fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì tún un ṣírò.

A kò tìtorí èyí ju ìṣúná àìyípadà nù. Òun ni a fi ń ra ìyẹ̀fun sílẹ̀ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ni ó sì jẹ́ kí a mọ̀ pé búrẹ́dì 2,000 tí a kò tà gba ₦800,000 lọ́wọ́ wa.