Ọmọ Tuntun Tí Ojú Rẹ̀ Ń Ṣomi: Ọ̀rọ̀ Ohùn Láti Gánájà

Ádímíìnì yín ni, láti Gánájà níbí. Ẹ̀yin tí dátà yín ò gbé ohùn, ohun tí mo sọ náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ yìí.

Lánàá, ìyá kan nínú gúrúùpù yìí fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ránṣẹ́. Ojú ọ̀tún ń ṣomi, ipin sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárọ̀. Kí n tó jí, ìdáhùn ti pọ̀. Ẹnì kan ní kó fún omi ọyàn sí i, ẹnì kan ní tìróò, ẹnì kan dárúkọ oògùn tí wọ́n ń kán sójú. Mo ní ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí omi yẹn ti ń wá. Omijé kì í ṣe ti ẹkún nìkan, gbogbo ìgbà ló ń jáde láti fọ ojú. Tó bá fọ̀ ọ́ tán, ó ní ibi tó ń gbà lọ. Ẹ wo dígí, lórí ìpéǹpéjú, ní igun tó kọjú sí imú: ẹ ẹ́ rí ihò kékeré bí ojú abẹ́rẹ́, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omijé ń wọ̀ lọ sínú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi imú. Láti inú àpò yẹn, ó ń gba ọ̀nà tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ sínú imú. Ìdí nìyẹn tí imú wa fi ń ṣomi tá a bá ń sunkún.

Àwọn ọmọ tuntun kan wà tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣì bo ìsàlẹ̀ ọ̀nà yẹn, níbi tó ti yọ sínú imú. Omi ò rí ibi gbà, ó dúró sínú àpò, ó di ipin, ó sì padà sójú. Ẹ wo gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù tí ọ̀rá dí. Bó o ṣe wù kó o gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù tó, omi á tún padà wá. Oògùn tí à ń kán sójú, ìgbálẹ̀ ni. Ó lè dín ipin kù fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè la gọ́tà.

Àwa náà ò tètè mọ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni wọ́n bí ọmọ àbúrò mi. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ojú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Oríṣi oògùn mẹ́ta la rà. Tá a bá kán an, ipin á lọ, tá a bá dáwọ́ dúró, á padà. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, omi Ọya ti bo ọ̀nà Gánájà, ọkọ̀ ojú omi la fi ń wọ ìgboro. Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ládùúgbò wa ló bá wa wò ó. Ó ní funfun ojú ọmọ ò pọ́n, ìpéǹpéjú ò wú, ó sì ń lajú dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Ó wá rọra tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ipin bá rú jáde láti ihò kékeré yẹn. Ó ní, “Àpò ló kún. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ ni kò là.”

Bó ṣe kọ́ wa láti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rèé. Ẹ gé èékánná, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi òwú tútù tẹ́ ẹ rì sínú omi tẹ́ ẹ ti sè tó sì ti tutù nu ipin kúrò, òwú kan fún ojú kan. Ẹ wá gbé orí ìka sí igun ojú, láàárín ojú àti igi imú, níbi tí ẹ ti máa mọ eegun lára. Ibẹ̀ ni àpò wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọ eegun, ẹ má gbé ìka sókè, kí ẹ wá fà á wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú títí dé ẹ̀gbẹ́ ihò imú. Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ẹ ṣe é bíi mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Àsìkò tí ọmọ bá fẹ́ mu ọyàn rọrùn láti rántí.

Iṣẹ́ tí ìka ń ṣe ni pé omi inú àpò máa fi agbára ti awọ yẹn títí tó fi máa já. Nítorí náà, ẹni tó kàn ń fọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ìpara kò tíì ṣe nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ débi tí orí èékánná yín á funfun. Ọmọ lè ké, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fi àmì sí i lára. Ẹ má tẹ ẹyinjú, ẹ má sì fà á sókè. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Kírígílà, ló kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí lọ́dún 1923, òun náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn òbí dòní.

Ojú ọ̀tún ọmọ wa là nígbà tó pé oṣù márùn-ún. Àárọ̀ ọjọ́ kan la kàn rí i pé ojú gbẹ. Òsì ò là. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó ní in, bíi mẹ́sàn-án ló máa là kí wọ́n tó pé ọdún kan, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi sáré fi irin kàn án. Tó bá ti pé bí ọdún kan tí kò là, tàbí tí àpò náà bá ń wú tó ń ṣọyún léraléra ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà náà ni wọ́n á sọ̀rọ̀ irin.

Ọmọ wa pé oṣù mẹ́tàlá ká tó gbé e lọ bá dókítà ojú. Wọ́n fún un ní oògùn oorun, wọ́n ti irin tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tí kò ní ṣóńṣó gba ihò kékeré yẹn wọlé, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀nà náà títí ó fi la awọ ìsàlẹ̀. Wọn ò la ara ọmọ, kò sì sí rírán. Irin fúnra rẹ̀ kì í pẹ́, oògùn oorun ló ń gba àkókò. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ nímú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀. Tiwa là lẹ́ẹ̀kan. Ti ẹlòmíràn lè má là, wọ́n á tún un ṣe, tàbí kí wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín síbẹ̀ fún oṣù díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí kò ti yẹ ká dúró fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ nìyí. Ọmọ ọjọ́ díẹ̀ tí ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, tí ọyún ń dà, ó lè jẹ́ àtọ̀sí tó kó nígbà ìbí. Ó lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Tí igun ojú bá wú, tó pọ́n, tó gbóná, tàbí tí ibà bá wà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, ẹ máa lọ. Kókó aláwọ̀ aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú láti ìgbà ìbí náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ó lè dí èémí ọmọ. Èyí tó sì máa ń tan èèyàn jẹ ni ojú tó ń ṣomi láìsí ipin, tí ọmọ ń sá fún ìmọ́lẹ̀, tí dúdú ojú tóbi tàbí tó rí bí èéfín. Gìlókómà lè nìyẹn.

Ìyá ọmọ àná, ẹ gbé e lọ kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà wò ó lónìí, nítorí ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kéré láti fi fọ́tò dá a mọ̀. Tí wọ́n bá ní ọ̀nà omijé ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìka. Ẹ má fi tìróò sí i, ẹ má sì fún omi ọyàn tàbí àgbo sí i. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ sọ ohun tí wọ́n wí fún wa níbí.