Ojú Kan, Àwọ̀ Méjì

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo ti ya fọ́tò ní Ìbàdàn, ìyá àgbà gbé ọmọ tuntun lẹ́sẹ̀, ó jókòó sórí àga ní pálọ̀. Fèrèsé wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, gílóòbù yẹ́lò sì ń tàn lára ògiri lọ́wọ́ ọ̀tún. Lójú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ojú ìyá. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ti di búlúù bí ẹni pé wọ́n fi aró pa á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sì pọ́n bí ẹni fi epo ra ojú. Ọmọ ìyá náà yọjú wò ó, ó ní, “Bùrọ̀dá, kí lẹ fi kun màmá mi lójú?”

Mi ò fi nǹkan kan kùn wọ́n. Iná méjì tí àwọ̀ wọn kò bára mu ló pàdé lójú wọn.

Ẹni tó bá ti dúró ní ilé agbẹ̀dẹ rí á tètè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ń fín ẹwìrì, irin á kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà á di yẹ́lò, bó bá tún gbóná sí i, á funfun. Ká ní irin lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ kó má yọ́, ṣe ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ì bá máa fà sí búlúù. Ìdíwọ̀n yìí ni àwọn onífọ́tò fi ń pe àwọ̀ iná, Kẹ́lífíìnì ni wọ́n sì ń pè é. Gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná kò ju nǹkan bí 2,700 lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan wà ní nǹkan bí 5,500. Ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé láti ojú ọ̀run, tí oòrùn kò sí nínú rẹ̀, lè tó 7,000 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Àwọn gílóòbù funfun tí kì í jẹ iná púpọ̀ sábà máa ń jẹ́ 6,500. Ẹ ó rí nọ́ńbà náà lára páálí wọn, pẹ̀lú lẹ́tà K lẹ́yìn rẹ̀.

Ọpọlọ wa máa ń fojú fo ìyàtọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé léèsì funfun ni ìyá wọ̀, nítorí náà funfun ló ń fi hàn wá, ìbáà jẹ́ lábẹ́ gílóòbù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kámẹ́rà náà máa ń gbìyànjú, àmọ́ iná kan ṣoṣo ló lè gbà gbọ́ nínú fọ́tò kan. Bó bá gba gílóòbù gbọ́, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé á di búlúù. Bó bá gba fèrèsé gbọ́, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù á di ọsàn. Bó bá dúró sáàárín, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bàjẹ́ díẹ̀ díẹ̀, ohun tí Auto sì máa ń ṣe nìyẹn.

Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún ní ọ̀nà tirẹ̀. Awọ dúdú máa ń dán, pàápàá níwájú orí, ní imú àti lẹ́rẹ̀kẹ́. Ibi tó bá ń dán dà bíi dígí: àwọ̀ iná ló ń dá padà, kì í ṣe àwọ̀ awọ. Ìdí nìyẹn tí búlúù fèrèsé fi máa ń hàn lójú wa bí àbàwọ́n. Bí ẹ bá fi áńkáṣíìfù nu òógùn, tí ẹ sì fi pọ́dà díẹ̀ pa ibẹ̀, púpọ̀ nínú búlúù náà á lọ kí ẹ tó ya fọ́tò rárá.

Àmọ́ fọ́tò ti ìyá yìí, mo ti yà á ná, ọmọ náà sì ti rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. N kò lè dà á nù. RAW ni mo fi yà á, èyí tó fún mi láyè púpọ̀ ju JPEG lọ láti yí àwọ̀ padà. Mo ṣí i nínú Lightroom.

Mo kọ́kọ́ bi ara mi léèrè pé iná wo ló gba ibi tó pọ̀ jù lójú ìyá. Gílóòbù ni. Mo gbé Temp sí 3,100. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àwọ̀ tí mo fẹ́. Ṣe ni mo ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé irú iná báyìí ló tàn sójú. Kíá ni apá ọ̀tún bọ̀ sípò, tí apá òsì sì wá búlúù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ má jáyà bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín. Mo mú Brush, mo kùn ún sórí apá búlúù nìkan, láti etí dé ẹ̀gbẹ́ imú, mo jẹ́ kí etí rẹ̀ rọ̀ kó má fi ìlà sílẹ̀. Nínú ibi tí mo kùn yìí nìkan, mo gbé Temp lọ sí apá yẹ́lò títí búlúù fi tán lójú awọ, mo wá dín Saturation kù díẹ̀ fún èyí tó ṣẹ́ kù níbi tó ń dán.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó tó? N kò gbára lé ojú mi nìkan, torí ojú tó ti ń wo búlúù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá gbé atọ́ka sórí awọ nínú Lightroom Classic, nọ́ńbà R, G àti B á hàn lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Lára awọ ènìyàn, R ló yẹ kó ga jù, kí G tẹ̀ lé e, kí B sì kéré jù. Lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ìyá, B ló ga jù kí n tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, R ti ga jù, B sì ti bọ́ sísàlẹ̀, bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. Ẹ má sì pa gbogbo yẹ́lò run: awọ dúdú tí kò bá ní yẹ́lò kankan mọ́ á ràn bí eérú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ aṣọ funfun láti fi han kọ̀ǹpútà ohun tó funfun. Ó dára, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi búlúù ṣan lẹ́yìn fífọ̀ kò funfun lójú kámẹ́rà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo fọ́tò á pọ́n. Ẹ má tẹ eyín tàbí ẹyinjú náà, torí yẹ́lò díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wá ohun tó ní àwọ̀ eérú lásán.

Àwọn kan wà tí kò ṣeé tún ṣe. Bí iná bá le débi pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti di ọsàn pátápátá, tí kò sí àmì awọ níbẹ̀ mọ́, kò sí ohun tí Brush á rí mú. Irú èyí, ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun, kó yẹ ojú.

Fọ́tò kejì tí mo ya ìyá àgbà, n kò tún un ṣe rárá. Mo ní kí wọ́n pa gílóòbù, mo sì yí àga ìyá kí ojú wọn kọ fèrèsé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò nínú ilé, ì báà jẹ́ fóònù lẹ fi ń yà á, ẹ pa iná kan kí ẹ tó tẹ kámẹ́rà.