Ínfátà Ti Kú, Ojú Ẹ̀rọ Ṣì Ń Kọ 58%

Aago mẹ́rin ìdájí ni ínfátà ìyá ẹlẹ́ja kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kú tòun ti fìrísà méjì tí ẹja kún inú wọn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bátìrì kọ 58% sójú. Nígbà tí èmi àti ẹnjiníà tí wọ́n pè fi máa dé, oòrùn ti mú, sólà sì ti ń dá iná padà. Bátìrì olómi méjì ló wà níbẹ̀, 220 áḿpù-wákàtí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n so pọ̀ di fólítì 24.

“Màmá, ẹ̀rọ yìí kò rí inú bátìrì o,” ni ẹnjiníà sọ. Ó fi ìka kan ṣọ́ńtì, irin pẹrẹsẹ tí gbogbo iná tó ń wọlé tàbí tó ń jáde gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá nìkan ni ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀, bí alájọ tó ń sàmì sí káàdì láì ṣí àpótí wò. Wáyà iná ìta kan wà tí wọ́n so mọ́ orí nẹ́gétíìfù bátìrì gan-an, tí kò gba ṣọ́ńtì. Ó tú u, ó sì gbé e sí òdìkejì ṣọ́ńtì.

Ìyẹn kéré. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, a rí èyí tó ṣe pàtàkì lójú ara wa: ojú ẹ̀rọ ń kọ 71%, ó sì ṣàdédé fò sí 100%. Ẹnjiníà fa omi ásíìdì sínú háídírómítà, ó kà 1.180. Bátìrì irú èyí máa ń tó 1.240 tó bá kún. Kó tó gbà á gbọ́, ó kọ́kọ́ bi Màmá bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i, nítorí omi tuntun tí kò tíì pò mọ́ ásíìdì máa ń mú kó kà sílẹ̀. Wọn kò da nǹkan kan sí i.

Kí ló wá fa fífò yẹn? Wọ́n ti sọ fún ẹ̀rọ pé bátìrì ti kún bí fólítì bá ti kọjá 26.4, tí iná tó ń wọ bátìrì kò tó 8.8 áḿpù, fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lára iná tí sólà ń mú wá, áḿpù 18 ń lọ sí fìrísà, 7 péré ló ń wọ bátìrì, fólítì sì wà ní 26.6. Iná kò dínkù nítorí pé bátìrì yó. Fìrísà ló gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Ìkùukùu tó bá bo oòrùn lè ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ẹnjiníà ṣí fóònù, ó sì yí ètò ẹ̀rọ padà báyìí:

```
Charged voltage: 28.4 V
Tail current: 3%
Charged detection time: 10 min
Charge efficiency factor: 85%
```

Fólítì 28.8 ni ṣájà máa ń gbé bátìrì yìí dé, ìdí nìyẹn tí 28.4 fi bá a mu. Ìlà tó kẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ kì í fọwọ́ kàn. 95% ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí áḿpù-wákàtí 80 bá jáde, ẹ̀rọ rò pé 84 tó láti dá a padà, bátìrì tó ti gbó sì ń fẹ́ bí 94. Mẹ́wàá ń ṣẹ́kù sílẹ̀ lójoojúmọ́, ojú ẹ̀rọ kò sì ní fi hàn.

Nígbà tí iná ìjọba dé lọ́sàn-án, ẹnjiníà pa fìrísà, ó jẹ́ kí ṣájà ṣiṣẹ́ títí iná tó ń wọlé fi já sí áḿpù 4 tí kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Ó ka ojú méjìlá bátìrì, ó dúró fún wákàtí kan, ó tún kà wọ́n. Gbogbo wọn wà ní 1.235 sí 1.240, kò sí èyí tó tún gòkè. Ìgbà yẹn ló tó tẹ `Synchronise SOC to 100%`. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ kí bátìrì tó kún, irọ́ ló tún kọ lé irọ́.

Ó ku bí bátìrì fúnra rẹ̀ ṣe tó. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ẹja lọ sí ilé yìnyín ẹlòmíì, ó sì fi gílóòbù fa áḿpù 11 láì dáwọ́ dúró láti àárọ̀ títí fólítì fi dé 21.6 lálẹ́. Iye tó jáde jẹ́ 150, kì í ṣe 220. Ó gbé ṣájà sí i lójú ẹsẹ̀, torí bátìrì olómi kò gbọdọ̀ sùn lófìfo, ó sì tẹ 150 sínú ẹ̀rọ. Láti ìgbà yẹn, bí áḿpù-wákàtí 66 bá jáde, ibi tí ojú ẹ̀rọ ti ń kọ 70% tẹ́lẹ̀, 56% ló ń kọ.