Òǹtẹ̀ tó gorí nọ́ńbà: bí a ṣe ń ka ìwé ìbí láti inú fọ́tò láì méfò

Ìwé ìbí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn òbí ní Ìkìrun, Iníṣà àti Òkukù jẹ́ bébà tí akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn fi bírò kọ orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà sí, kó tó lu òǹtẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ tó jẹ́rìí sí i tàbí ọ́fíìsì tó gbà á wọlé lè lu tiwọn mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tó ń wo ohun tó wà lábẹ́ òǹtẹ̀ kó tó lù ú. Nígbà tí ilé ìwé kan bá wá fẹ́ kó ọgọ́rùn-ún irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti inú fọ́tò tí àwọn òbí fi fóònù yà, nǹkan mẹ́ta péré ni wọ́n ń wá: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Èrò tèmi ni pé ohun tó yẹ kó ba ènìyàn lẹ́rù níbẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tó ń kọ nọ́ńbà tó mọ́ tónítóní síbi tí kò ti rí nǹkan kan. Ibi tó dúdú, ojú ẹnikẹ́ni á tètè rí i pé ó dúdú. Àṣìṣe tó jọ òótọ́ ni ó ń wọlé láìsí ẹni tó mọ̀.

Orí àwọ̀ ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò inú fóònù jẹ́ àwòrán mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ra: ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ pupa, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún ìmọ́lẹ̀ búlúù. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, gbogbo ẹ̀kán kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán ló ní iye kan, láti 0 tó jẹ́ òkùnkùn biribiri dé 255 tó jẹ́ funfun báláú. Yíǹkì pupa máa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà bí bébà funfun ṣe ń dá a padà, ìdí nìyẹn tí òǹtẹ̀ pupa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ bí a bá wo àwòrán pupa nìkan. Ká ní níbẹ̀ bébà jẹ́ 240, òǹtẹ̀ 205, ìkọ̀wé dúdú 45. Ẹni tó bá ní kí kọ̀ǹpútà ka gbogbo ohun tó bá kéré sí 120 sí ìkọ̀wé, ìkọ̀wé nìkan ló máa kù fún un. Bí ó bá ṣi àwòrán àwọ̀ ewé mú, òǹtẹ̀ kan náà lè já wálẹ̀ dé nǹkan bíi 70, á sì dà pọ̀ mọ́ ìkọ̀wé pátápátá. Òǹtẹ̀ elésè-àlùkò tó gorí bírò búlúù náà máa ń gbọ́ ti àwòrán pupa, torí pé yíǹkì elésè-àlùkò ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa díẹ̀ padà, bírò búlúù sì ń gbé e mì. Ibi tí ọ̀nà yìí ti dópin ni òǹtẹ̀ búlúù lórí bírò búlúù. Níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí a lè dì mú ni pé ibi tí yíǹkì méjèèjì ti pàdé máa ń ṣú ju ibi tí ọ̀kan nìkan wà lọ. Bí òǹtẹ̀ náà bá ti ki jù, kódà ìyẹn ò ní hàn.

Àwọn kan á sọ pé kí òbí kàn fi fóònù tó dáa ya fọ́tò tó mọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ láti ẹ̀gbẹ́ kan, kí bébà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n má tan iná fóònù lé e, pàápàá bí wọ́n bá ti ṣe é ní lámínéètì: gbogbo ìyẹn wúlò. Ṣùgbọ́n ibi tí fọ́tò náà gbà kọjá ṣe pàtàkì ju fóònù lọ. Bí wọ́n bá ya fọ́tókọ́pì dúdú àti funfun dípò ojúlówó, àwọ̀ ti lọ pátá, òǹtẹ̀ àti ìkọ̀wé ti di yíǹkì kan náà, kò sì sí ohun tí kọ̀ǹpútà lè tú sílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá fi WhatsApp ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán, ó máa ń fún un pọ̀. Ìfúnpọ̀ irú ti JPEG kì í tọ́jú àwọ̀ tó bí ó ṣe ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ní ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀kán mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò. Lójú ènìyàn, àwòrán náà ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ya pupa sọ́tọ̀, etí òǹtẹ̀ á ti ṣàn wọ inú ẹsẹ̀ nọ́ńbà. Kí òbí fi fọ́tò náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi fáìlì dípò fọ́tò ṣe iṣẹ́ ju kó lọ ra fóònù tuntun lọ.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ. Ní òde òní, ètò kọ̀ǹpútà wà tó lè pa òǹtẹ̀ rẹ́, tó sì máa kun ibi tó ṣófo bí ẹni pé òǹtẹ̀ kò débẹ̀ rí. Kí ló dé tí a ò fi lò ó? Torí pé ohun tí ó fi ń kun ibẹ̀ kò ti inú bébà wá. Ó ń wo àyíká, ó sì ń ya ohun tó sábà máa ń wà nírú ibi bẹ́ẹ̀: 8 lè di 3, 7 lè di 1, ẹwà rẹ̀ á sì tún mú kí ènìyàn gbà á gbọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Iníṣà àti Òkukù wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tí olú rẹ̀ wà ní Òkukù. Ìkìrun ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn. Bí ìwé bá sọ pé Iníṣà ni wọ́n ti forúkọ ọmọ sílẹ̀, tí òǹtẹ̀ akọ̀wé sì ń sọ Ìfẹ́lódùn, ó yẹ kí ẹnìkan tún un wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Iníṣà lè jẹ́ Ìkìrun ni wọ́n bí i sí. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ láti ara Ọ̀yọ́, nítorí náà òǹtẹ̀ tó ní Ọ̀ṣun lórí rẹ̀ kò lè jẹ́ ti ọdún 1988, bó ti wù kí ọjọ́ ìbí pẹ́ tó. Kí a ka òǹtẹ̀ ná, kí a tó yọ ọ́ kúrò lójú ọ̀nà, kí a sì tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ láìfọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ ìbí ló rọrùn jù láti gbà padà lábẹ́ òǹtẹ̀, torí pé ó ní ẹlẹ́rìí. Ká wo ìwé kan tí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọjọ́ ìbí tí kọ̀ǹpútà kà ni 13/0?/2013. Etí òǹtẹ̀ gba àárín oṣù kọjá, ètò náà sì ń sọ pé 8 ni, ṣùgbọ́n 3 náà kò jìnnà sí i. Ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ hàn kedere nísàlẹ̀: 9/5/2013. Kò sí ẹni tó ń forúkọ ọmọ tí wọn ò tíì bí sílẹ̀, nítorí náà oṣù kẹjọ ti bọ́ síta. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹta, ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà láàárín méjèèjì, ó sì bọ́ sínú ọgọ́ta ọjọ́ tí òfin ìforúkọsílẹ̀ dandan ti ọdún 1992 fún àwọn òbí. Ìyẹn kò tíì jẹ́ ẹ̀rí tán, torí pé ọ̀pọ̀ ló ń pẹ́ kí wọ́n tó lọ forúkọ sílẹ̀, tí oṣù kìíní sì lè bá ọjọ́ náà mu pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ tí a rí lábẹ́ òǹtẹ̀ kò lè jẹ́ 1. Ohun tí ojú rí àti ohun tí kàlẹ́ńdà gbà ti pàdé, a lè kọ 3 sílẹ̀, kí a sì fi àmì sí i pé ìṣirò ló ràn wá lọ́wọ́.

Orúkọ ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ̀kán yíǹkì òǹtẹ̀ kan tó bá bọ́ sábẹ́ lẹ́tà lè sọ O di Ọ, tàbí S di Ṣ, nígbà tí akọ̀wé kò fi àmì kankan sí orúkọ náà rárá. Ètò tó ń ka ìkọ̀wé, bíi Tesseract, tún ní àkójọ ọ̀rọ̀ tó fi ń tún ohun tó kà ṣe. Lórí gbólóhùn ìwé ìròyìn ó wúlò, lórí orúkọ ènìyàn ewu ni, nítorí pé ó lè fa orúkọ tí kò mọ̀ wá síbi ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Kí a pa á. Orí ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n kọ́ Tesseract sí, ìkọ̀wé ọwọ́ sì máa ń dà á láàmú, nítorí náà irinṣẹ́ tí wọ́n kọ́ lórí ìkọ̀wé ọwọ́ ló yẹ àwọn ìwé tí wọ́n fi bírò kọ. Bí akọ̀wé bá kọ Sheun, Sheun ni kó wọlé, kódà bí gbogbo wa bá mọ̀ pé Ṣeun ni ìyá ọmọ ń pè é. Orúkọ orí ìwé ni a ń wá.

Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nínú ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé ìwé ìrìnnà, lẹ́yìn nọ́ńbà ìwé náà ni nọ́ńbà kan wà tó ń dán an wò: a ó fi 7, 3 àti 1 sọ àwọn ti iṣáájú di púpọ̀ léraléra, a ó ro wọ́n pọ̀, a ó fi 10 pín in, ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ bá a mu. Bí ẹ̀rọ bá ṣi ọ̀kan kà, ìṣirò á sábà tú u fó. Nọ́ńbà tí akọ̀wé fi bírò kọ sórí ìwé ìbí kò fún ẹni tó ń kà á ní irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà méjì bá sì wà lórí bébà náà, èyí tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù àti èyí tí akọ̀wé kọ, ètò lè mú èyí tó mọ́ dípò èyí tí a ń wá. Ká gbà pé kọ̀ǹpútà ń ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan dáadáa nígbà 99 nínú 100. Lórí nọ́ńbà oní-ẹyọ mẹ́wàá, ìyẹn túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìwé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló máa ní àṣìṣe kan ó kéré tán, tí kò sì ní hàn lójú. Ẹ fi iyè sí i bí ẹnìkan bá ń polówó ètò tó ń kà dáadáa tó 99 nínú 100.

Wọ́n á ní kí ènìyàn kàn jókòó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe, ó sì dáa fún ọgọ́rùn-ún ìwé, ṣùgbọ́n ènìyàn náà máa ń méfò, pàápàá tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tí ọ̀gá sì ní ibi kankan kò gbọdọ̀ ṣófo. Àtúnṣe náà kan àwọn méjèèjì: kí a gba `?` láàyè nínú àpótí nọ́ńbà, kí a kọ `20?4` nígbà tí ohun tó hàn bá jẹ́ `20?4`. Kí ẹni méjì tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí ẹnìkan àti kọ̀ǹpútà, kí ẹni kẹta sì wo ibi tí wọn kò ti fẹnu kò nìkan. Kí a má sì gbé ìwé ọmọ ọlọ́mọ sórí ìkànnì ọ̀fẹ́ kan tí a kò mọ olówó rẹ̀. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 wà, ọjọ́ ìbí àti nọ́ńbà ọmọdé sì wà nínú ohun tí ó ń dáàbò bò.

Èyí tí `?` bá kù sí lára, fọ́tò ò ní parí rẹ̀ mọ́. Ìwé ńlá ìforúkọsílẹ̀ tí wọ́n ti da orúkọ ọmọ náà kọ ló lè parí rẹ̀, torí pé òǹtẹ̀ tí ọ́fíìsì mìíràn lù sórí ìwé ọwọ́ òbí kò dé orí ìwé ńlá yẹn. Láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí sórí kọ̀ǹpútà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ni àwọn ọmọ tuntun yóò máa gbà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wọ ilé ìwé girama lónìí ti bọ́ sáyé ṣáájú ìyẹn. Fún wọn, kí òbí mú orúkọ, oṣù tó dá wọn lójú àti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ọjọ́ ìbí lọ, nítorí pé bí àwọn òbí ṣe ń wọlé ni akọ̀wé ṣe ń kọ ọ́ tẹ̀léra.